Ṣaworo inú bọ́ọ̀lù

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ní Maryland nílùú Èkó, iṣẹ́ méjì péré la ní fún ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa: kó máa ka ayò, tàbí kó máa ṣọ́ báàgì àwọn yòókù lábẹ́ igi furúùtù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ lèmi náà sì ṣe é fún ọdún mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tí kò ríran rárá pè mí láti abẹ́ igi yẹn. Ó ní, “Tíṣà, mo ti mọ iye báàgì tó wà níbí. Ẹ jẹ́ kí èmi náà gbá fọ́líbọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan.”

Mo ju bọ́ọ̀lù sí i láti nǹkan bíi mítà mẹ́ta, mo sì kígbe pé, “Ó ń bọ̀ o!” Imú ló fi gbà á. Ẹ̀jẹ̀ dà sára ẹ̀wù rẹ̀ funfun. Èmi ni mo ṣì í ṣe. Igbe mi sọ fún un pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀, kò sọ ibi tó ń gbà bọ̀. Bọ́ọ̀lù tó wà lófuurufú kì í dún. Àfi bó bá kan ilẹ̀ ni etí tó lè mú un. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo kọ́ gbogbo ohun tí mo wá ń ṣe lé.

Bí a bá sì yí fọ́líbọ́ọ̀lù padà, a ò ba eré náà jẹ́. Nígbà tí William Morgan dá a sílẹ̀ ní ìlú Holyoke ní Amẹ́ríkà ní 1895, àwọn ọkùnrin tó ti ń dàgbà, tí básíkẹ́tíbọ́ọ̀lù le jù fún, ló ní lọ́kàn. Ara àwọn tó fẹ́ gbá a ló fi wọn eré náà.

Kí bọ́ọ̀lù lè máa dún, ọ̀rá ni mo kọ́kọ́ lò. Mo ki bọ́ọ̀lù sínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di ọjà fúnni, mo so ẹnu rẹ̀ pinpin. Bó bá ti ń yí nílẹ̀ ni yóò máa dún wàràwàrà, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń ya. Mo wá gbé bọ́ọ̀lù àlòkù lọ bá bàbá kan tó ń rán bàtà lọ́nà Mẹ́ńdè. Mo ní kí wọ́n tú ojú rírán rẹ̀, kí wọ́n kó ṣaworo mẹ́fà, irú èyí tó máa ń wà lára ìyá ìlù, sáàárín awọ àti rọ́bà inú rẹ̀. Bàbá ní, “Tíṣà, irin yìí á gún rọ́bà yẹn o.” Mi ò gbọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí bọ́ọ̀lù fi rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, bàbá yọ rọ́bà náà kúrò pátápátá, wọ́n fi àjákù fóòmù kún inú awọ, wọ́n sì ki ike oògùn kan tí ṣaworo wà nínú rẹ̀ sáàárín gbùngbùn, kí fóòmù má baà fún ṣaworo pa. Bọ́ọ̀lù yẹn kì í ta mọ́, ṣùgbọ́n ó ń yí, ó sì ń dún títí yóò fi dúró. Àbùkù rẹ̀ ni pé bó bá ti dúró, ó ti yadi nìyẹn. Ẹni tó ríran ni yóò tún tì í.

Bọ́ọ̀lù tó ń yí nílẹ̀ kò lè gba orí àwọ̀n kọjá. Àwọn ará Jàpáàn ti yanjú ìyẹn ní ilé ìwé àwọn aláìríran tiwọn: abẹ́ àwọ̀n ni wọ́n ń gbá a gbà. Etí ìsàlẹ̀ àwọ̀n fi sẹ̀ǹtímítà 30 jìnnà sí ilẹ̀. Àwọn mẹ́ta iwájú á di ojú, àtẹni tó ríran àtẹni tí kò ríran. Àwọn mẹ́ta ẹ̀yìn kì í di ojú. Ọ̀rọ̀ ilà ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ góòlùbọ́ọ̀lù ni mo ti kọ́ ọ, eré tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946 fún àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn fọ́ lójú ogun. Wọ́n máa ń na okùn tín-ín-rín sábẹ́ téèpù, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè mọ ibi tí pápá parí sí.

Ọmọbìnrin kan sì wà ní kíláàsì kan náà tó ń fi ọ̀pá méjì rìn. Bó bá ju ọ̀pá sílẹ̀ kó lè gbá bọ́ọ̀lù, á ṣubú. Bó bá di ọ̀pá mú, kò lọ́wọ́ tí yóò fi gbá a. Fọ́líbọ́ọ̀lù àjókòógbá ló tú u sílẹ̀. Nẹ́dálándì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1956, àwọn ará Rùwáńdà sì ti gbá a dé Pàrálíńpíìkì Lọ́ńdọ̀nù ní 2012. Pápá rẹ̀ jẹ́ mítà 10 sí 6, ìdí tàbí ẹ̀yìn ẹni sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá kan bọ́ọ̀lù. Kọnkéré ni ilẹ̀ tiwa, ó sì ń bó ọmọ lára. Mo ra páálí ńlá lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o láti ilé iṣẹ́ lọ́nà Ọba Akran, mo tẹ́ ẹ, mo na tapólì lé e.

Ọjọ́ tí gbogbo kíláàsì kọ́kọ́ jókòó ni mo rí ohun tí mi ò retí. Àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn dá ṣáṣá ló ń jìyà. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀, ẹsẹ̀ á fẹ́ gbé wọn dìde, ìdí á sì kúrò nílẹ̀. Ọmọbìnrin yìí, tí apá rẹ̀ ti ń gbé ara rẹ̀ láti kékeré, á ti fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ débẹ̀ kí wọ́n tó jókòó padà.

Ohun tó kù ni bí ọmọbìnrin yìí àti ọmọkùnrin tí kò ríran yẹn yóò ṣe wà nínú ayò kan náà. Àwọ̀n ló dá mi lóhùn. Àwọ̀n àjókòógbá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80. Tàwọn obìnrin ga dé mítà 1.05, tàwọn ọkùnrin dé 1.15. Mo so tèmi mọ́ 1.10, ihò sẹ̀ǹtímítà 30 sì wà nísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọ̀n kan ṣoṣo, eré méjì. Fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bọ́ọ̀lù oníṣaworo ń gba ìsàlẹ̀: gbogbo ọmọ jókòó, àwọn mẹ́ta iwájú fi ìborùn di ojú, ọmọbìnrin náà wà lẹ́yìn, ó ń pè é fún wọn: “Òsì! Àárín!” Mo ti sọ fún un pé kó má pè ju ọ̀rọ̀ kan lọ, torí ọ̀rọ̀ kejì máa ń bo ìró ṣaworo mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bọ́ọ̀lù gidi á wá gba òkè. Níbí, ìgbá àkọ́kọ́ ni mo fi lé ọmọkùnrin náà lọ́wọ́, torí ibẹ̀ nìkan ni bọ́ọ̀lù ti ń dúró de ẹni tí yóò gbá a. Ó gbé e lé ọwọ́ òsì, ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín àwọ̀n, ó sì fi ọ̀tún lù ú. Nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́, mẹ́ta ló kọjá. Mo wò ó dáadáa: orí rẹ̀ ń yí sí àtẹ́wọ́, èjìká rẹ̀ kò bá a yí. Mo na okùn kan sílẹ̀ láàárín itan rẹ̀ méjèèjì, ó lọ tààrà sí àwọ̀n, mo ní kó fọwọ́ kàn án kó tó lù. Mẹ́fà kọjá. Tí bọ́ọ̀lù bá wá bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, a fàyè gbà á kó ta nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ariwo ni a ò tíì ṣẹ́gun. Ọ̀nà Ìkòròdú kò jìnnà sí wa, bí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ṣaworo ti pòórá. Mo ti gbé ẹ̀kọ́ náà sí àárọ̀ kùtùkùtù, àwọn tó ń wòran kò sì gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́ àfi tí bọ́ọ̀lù bá ti kú. Ọmọ tí ìgbáròkó rẹ̀ gan pa kò sì lè jókòó sílẹ̀. Èyí tí mo ní lọ́dún yìí ń gbá tirẹ̀ láti orí àga oníkẹ̀kẹ́ ní ìlà ẹ̀yìn, a sì ti fi bíríkì dí táyà rẹ̀.

Ní Wẹ́sìdeè tó kọjá, kí n tó fọn fèrè, ọmọkùnrin náà ti rá yí pápá ká, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilà. Ó dúró ní igun kan. “Tíṣà, okùn ti já lápá òsì yìí o.” Mo lọ wò ó. Ó ti já lóòótọ́ lábẹ́ téèpù, níbi tí ojú tèmi kò ti rí nǹkan kan. Ó di òpin rẹ̀ mú títí mo fi mú òmíràn dé.