Odindi ọ̀rọ̀ ni kí a sọ fún ẹni tí yóò dúró ní ipò wa

Àwọn àgbà wa ní ìdajì ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, ibi kan wà tí ìdajì kò tó: ìgbà tí a bá ń lọ fún ìsinmi, tí a sì ń fi ìpàdé tí a ti pè sílẹ̀ lé ẹlẹgbẹ́ wa lọ́wọ́.

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa, òfin iṣẹ́ fún aboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14: ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ, 8 lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí tèmi kù ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti pe ìpàdé àwọn òbí kíláàsì tí mo ń mójú tó, àwọn ọmọ ọdún kẹrin tí wọ́n ń múra ìdánwò. Ọjọ́ Sátidé kan tí mi ò ní sí níbẹ̀ mọ́ ni a fi ìpàdé náà sí, ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. A kò lè yí i padà, nítorí òun nìkan ni Sátidé tí kò bọ́ sí ọjọ́ ọjà kí ìdánwò tó dé.

Ọ̀rọ̀ owó ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ló wà nílẹ̀. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, lẹ́yìn àríyànjiyàn wákàtí méjì, àwọn òbí fẹnu kò sí 2,000 sẹ́fà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Nínú ọmọ 42, 17 ti san án. 34,000 sẹ́fà sì wà lọ́wọ́ akápò. Mo ti ṣèlérí fún àwọn tó kù pé a kò ní lé ọmọ kankan síta títí ìpàdé kejì yóò fi pinnu bí wọn yóò ṣe san tiwọn.

Olùkọ́ ìṣirò kíláàsì náà ni mo bẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ náà kì í ṣe àjèjì sí i. Àwa méjèèjì lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó sì sọ níwájú wa pé olùkọ́ náà lè fọwọ́ sí ètò ìsanwó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yí iye owó padà. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí bí ẹni tó dúró fún wa kò bá ní àṣẹ, àwọn òbí yóò ní kí a dúró de ẹni tó ni iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ ìwé ojú-ewé kan. Ó sọ ọjọ́, aago àti yàrá. Ó sọ ohun tó ti parí, ohun tó kù láti pinnu, àti ìlérí tí mo ti ṣe. Mo fi orúkọ àwọn tó ti san mọ́ ọn. Ohun kan wà tí n kò kọ: ìṣòro ilé ọmọ kan. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́, kìkì ìwọ̀n tí kò fi ní pe orúkọ ìdílé náà láàárín èrò.

Nígbà tó kà á tán, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ bí yóò ṣe ṣí ìpàdé fún mi.

Ó ní, “Àbúrò mi, n ó kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá 2,000 yẹn tẹ́ wọn lọ́rùn.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi wọ́n. Bí ẹ bá tún ṣí i, àwọn 17 tó ti san yóò béèrè owó wọn.”

Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé: iye owó ti parí. Ìdí nìyí tí kíkà nìkan kò fi tó. Ìgbà tí ẹni tó gba iṣẹ́ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni a tó ń mọ ohun tó yé e.

Ó ku ti ẹni tí yóò pè bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ní, “Ẹ pè mí nígbàkígbà.” Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń rọbí kò lè gbé fóònù. Mo kọ ọ́ pé títí di ọjọ́ Ẹtì tí n ó kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni kó pè, láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀, igbákejì ọ̀gá nìkan ni. Nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀, èmi náà sì ti fún un ní ẹ̀dà ìwé náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo dárúkọ. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ọ̀kan yóò rò pé èkejì ti dáhùn.

Mo tún mú olùkọ́ náà lọ sí ilé alága àwọn òbí, kí wọ́n lè mọ ojú ara wọn. Ọ̀pọ̀ òbí níbí kì í ka ìwé Faransé tí a fi rán ọmọ. Ohùn alága, ní Yorùbá, ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Kò sẹ́ni tó pè mí ní Sátidé náà. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo bá àjábọ̀ kúkúrú nínú ìwé kíláàsì: àwọn òbí yóò san án lẹ́ẹ̀mejì, ìdílé mẹ́rin bẹ̀bẹ̀ láti san lẹ́yìn ìkórè, ọ̀gá sì gbà fún wọn. A kò lé ọmọ kankan síta.