Bí Mo Ṣe Fèsì fún Àwọn Olùyẹ̀wò

Ìwádìí mi dá lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Nígbà tí olóòtú jọ́nà dá a padà sí mi ní Bàrígà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn olùyẹ̀wò, ọjọ́ 30 péré ni ó fún mi. Bí ó bá kọjá, iṣẹ́ náà di àpatì.

Mo da gbogbo ọ̀rọ̀ wọn kọ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe wí, mo sì fún wọn ní nọ́ḿbà. Ìpínrọ̀ kan ti olùyẹ̀wò kìíní kó ìbéèrè mẹ́ta pọ̀: báwo ni mo ṣe yan àwọn òṣìṣẹ́, èé ṣe tí wọn kò fi ju 40 lọ, báwo ni mo ṣe gba ìyọ̀ǹda wọn? Mo pín in sí 1.1, 1.2 àti 1.3, nítorí ìbéèrè tó bá fara pamọ́ sáàárín ìpínrọ̀ kì í pẹ́ di ìgbàgbé.

Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo kọ èsì sí, pẹ̀lú ibi tí àtúnṣe wà: ojú ìwé 6, ìlà 12 sí 15. Fún 1.2, kò sí àyè láti wá òṣìṣẹ́ mìíràn. Mo sọ ìdí rẹ̀ láìjiyàn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwádìí náà gẹ́gẹ́ bí ààlà rẹ̀.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo tún yẹ nọ́ḿbà ìlà wò lẹ́yìn àtúnṣe ìkẹyìn, nítorí gbólóhùn kan tí a bá fi kún òkè máa ń ti gbogbo ìlà ìsàlẹ̀ kúrò ní àyè wọn.