Lẹ́tà Tí Mo Kọ Lẹ́ẹ̀mejì

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé àdírẹ́sì méjì ni ó ń ní, pé ó gbọ́dọ̀ ní àkọlé, àti pé kò sí àyè fún àwàdà nínú rẹ̀. Gbogbo èyí ni mo ṣe nínú lẹ́tà kan tí mo kọ sí ilé ìwòsàn ní oṣù Kejì ọdún 2024, síbẹ̀ kò mú nǹkan kan bọ̀ fún mi ju ewé tákàdá kan ṣoṣo lọ, èyí tí kò sì tó fún ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bí ó ti rí.

Ẹ̀yìn ni ó ń dùn mí. Ìrora náà ti ìbàdí sọ̀kalẹ̀, ó gba itan ọ̀tún dé àtẹ́lẹsẹ̀, nígbà tí ó sì yá, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí kú tipiri. Wọ́n ní kí n lọ ya àwòrán pẹ̀lú ẹ̀rọ òòfà ńlá tí wọ́n ń pè ní Ẹ́mááráì. Nígbà tí dókítà àgbà wo àwòrán náà tán, ó ní kí a ṣe iṣẹ́ abẹ ní oríkèé méjì nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, kí a sì fi irin so ó pọ̀. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. N kò sun oorun lóru ọjọ́ náà. Àbúrò mi tí ó ń gbé ní Mánṣẹ́sítà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wá sọ fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì tọwọ́ bọ̀wé.” Ó ti bá mi rí oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn kan níbẹ̀ tí yóò bá wa wo àwòrán náà.

Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ dókítà wa. Mo rò pé yóò bínú, ṣùgbọ́n kò bínú rárá. Ó ní, “Bàbá, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé ẹ kò lè di ìtọ̀ yín mú mọ́, tàbí tí ara bá ń kú yín láàárín itan méjèèjì, ẹ má dúró de èsì ẹnikẹ́ni. Lóru ni o, lọ́sàn-án ni o, kí wọ́n gbé yín wá síbí.” Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo sì fi han ìyàwó mi.

Fíìmù dúdú ńlá méjì wà lọ́wọ́ mi nínú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀. Mo gbé wọn síwájú fèrèsé, mo fi fóònù yà wọ́n, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù. Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ tí a rí gbà láti Mánṣẹ́sítà ni pé dókítà kò lè fi irú rẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn bí a bá ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í ya àwòrán kan ṣoṣo. Ńṣe ni ó ń gé ara ní àwòrán bí ẹni gé búrẹ́dì, ègé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, lẹ́yìn náà ni yóò tún gé e ní ìbú. Dókítà tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ohun rírọ̀ àárín egungun ti yọ jáde fún iṣan mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ lè yí àwọn ègé náà lọ bọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, kí ó mú ìmọ́lẹ̀ wọn pọ̀ tàbí kí ó dín in kù, kí ó sì wọ̀n wọ́n. Fíìmù kò gba èyí. Ìwọ̀nba ègé tí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ bá mú ni ó wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mo ka tèmi, ogójì péré ni mo rí. Wáàsáàpù sì tún ń fún àwòrán pọ̀ kí ó tó gbé e lọ, nítorí náà àwòrán àwòrán ni mo fi ránṣẹ́, ó sì tún ti bàjẹ́ lọ́nà.

Nígbà náà ni mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ro ó. Mo ní mo ń fẹ́ “rísọ́ọ̀tì” Ẹ́mááráì mi. Nínú èdè wa, “èsì àyẹ̀wò” kó ohun gbogbo pọ̀: ohun tí ẹ̀rọ rí àti ohun tí ènìyàn sọ nípa rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwòrán jẹ́ ọ̀kan. Ìjábọ̀ tí dókítà tí ó mọ àwòrán kà kọ sílẹ̀ jẹ́ èkejì, òun sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní rísọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá wọ́n fún mi ní ìjábọ̀, ewé kan. Bí mo bá fi òun nìkan ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnìkan ni dókítà òkèèrè yóò máa gbé yẹ̀wò, kì í ṣe ẹ̀yìn mi. Ojú ara rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó fi wò ó.

Mo padà lọ. Obìnrin tí ó wà ní ẹ̀ka àkọsílẹ̀ aláìsàn wò mí, ó ní, “Tíṣà, ohun tí ẹ kọ ni a fún yín.” Òótọ́ ni ó sọ. Ó wá fi yé mi pé ìwé ni ó wà lọ́dọ̀ wọn. Inú kọ̀ǹpútà ẹ̀ka tí ń ya àwòrán ni àwọn ègé náà wà, ẹ̀ka méjèèjì ni lẹ́tà sì gbọ́dọ̀ dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ kọ òmíràn. Báyìí ni inú rẹ̀ ṣe lọ ní èdè wa:

“Sí Olórí Ẹ̀ka Àkọsílẹ̀ Aláìsàn, ẹ̀dà sí Olórí Ẹ̀ka Àwòrán. Ìbéèrè fún ẹ̀dà àwòrán àti ìjábọ̀ Ẹ́mááráì ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn. Èmi tí orúkọ mi, ọjọ́ ìbí mi àti nọ́ńbà káàdì mi wà lókè yìí ni a ya àwòrán fún ní ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun mẹ́ta. Èkíní, gbogbo àwòrán náà láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, lórí sídì tàbí fláàṣì, ní ìrísí DICOM gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ti yà á, kì í ṣe fíìmù tàbí fọ́tò. Èkejì, ìjábọ̀ rẹ̀ tí dókítà tí ó kà á ti fọwọ́ sí, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́. Ẹ̀kẹta, àwòrán ẹ́sírè ẹ̀yìn mi ti ọdún 2019 àti ìjábọ̀ rẹ̀, bí ó bá ṣì wà. Dókítà mìíràn ní òkèèrè ni yóò fi wọ́n fún mi ní èrò kejì. Ìtọ́jú mi lọ́dọ̀ yín kò dúró. Mo ti ṣe tán láti san owó ẹ̀dà. Ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ mi wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. A ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sí ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, nítorí náà mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n rí wọn gbà kí ọjọ́ 1 oṣù náà tó pé.”

Ẹ kíyè sí i pé n kò fi òfin dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ òfin wà. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí a gbé jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 ka rírí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ẹni gbà mọ́ ẹ̀tọ́. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni Ara-Ẹni ti ọdún 2023 náà fún ènìyàn láṣẹ láti gba ẹ̀dà ìsọfúnni ara rẹ̀ ní ìrísí tí kọ̀ǹpútà lè kà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè ní kí ó san nínú owó rẹ̀ bí ó bá wọ́n jù. Bí wọ́n bá kọ̀ ni mo fẹ́ dárúkọ wọn. Ọ̀rọ̀ ìbuwọ́lùwé ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ. Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014 ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, ìyọ̀ǹda tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sì wà lára ohun tí ó lè mú kí a tú u fún ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lé ọmọ mi padà nígbà tí mo kọ́kọ́ rán an lọ lásán.

Lọ́jọ́ kẹjọ wọ́n pè mí. Mo san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, mo gba rìsíìtì, mo sì gba sídì. Àbúrò mi ti kìlọ̀ pé kí n ṣí i kí n tó kúrò ní ọgbà, nítorí náà mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi lọ. Ó dára tí mo ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́tò mẹ́fà péré ni ó wà nínú rẹ̀, orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì parí sí `.jpg`. Mo pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀ka àwòrán, mo fi lẹ́tà mi hàn án, mo ní kí ó ka ibi tí mo ti kọ “gbogbo àwòrán náà láìyọ ọ̀kan sílẹ̀”. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ máa bínú, sà.” Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ó fi kọ òmíràn. Ní ti èkejì yìí, fáìlì kan wà níwájú tí ń jẹ́ `DICOMDIR`, àpò fáìlì wà lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí a sì ṣí i, ègé méjìdínláàádọ́jọ ni a kà. Orúkọ mi, nọ́ńbà káàdì mi àti ọjọ́ tí a yà á wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ẹlòmíràn tí ń jẹ́ orúkọ bàbá mi kò ṣọ̀wọ́n ní ìlú yìí. Ẹ́sírè ọdún 2019 kò sí nínú kọ̀ǹpútà mọ́. Ìjábọ̀ rẹ̀ nìkan ni a rí, nínú fáìlì tí eruku ti bò.

A di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì kan láìyí orúkọ ohunkóhun padà, a sì fi ránṣẹ́ gba ojú ọ̀nà tí dókítà náà là sílẹ̀ fún wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé, ojú ìwé méjì. Ó gbà pé iṣẹ́ abẹ yẹ, ṣùgbọ́n oríkèé kan ṣoṣo ni ó rí tí ó ń fún iṣan mọ́lẹ̀ ní ìhà ọ̀tún; èkejì, ó ní, ọjọ́ orí ni ó fà á, kò sì rí ìdí tí a ó fi fi irin sí i. Lẹ́yìn náà ni ó wá kọ gbólóhùn kan tí mo bọ̀wọ̀ fún jùlọ: pé òun kò tíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, òun kò mọ bí agbára rẹ̀ ti tó, nítorí náà kí dókítà tí ó yẹ̀ mí wò ṣe ìpinnu.

Mo mú lẹ́tà náà àti sídì lọ bá dókítà wa. Ó kà á tán láìsọ̀rọ̀, ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra, ó sì ti sídì bọ̀ ọ́. Ó ń yí àwọn ègé náà lọ bọ̀, lọ bọ̀, títí ó fi dúró lórí ọ̀kan. Ó ní kí n bọ́ bàtà mi, kí n sì fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ọwọ́ òun sókè.