Èlé orí owó tó kù

Ẹ gbọ́, oníbàárà kan jẹ mí ní ₦300,000 owó fídíò tí mo ṣe fún un níbí ní Ṣógúnlé. Àdéhùn wa ni pé tí ọjọ́ ìsanwó bá ti kọjá, èlé 2% máa gorí owó tó bá kù lóṣooṣù.

Oṣù kan kọjá, èlé di ₦6,000. Ọjọ́ yẹn gan-an ló san ₦200,000, a fi yọ nínú ojú owó. Lóṣù kejì, èmi tún kọ ₦6,000 sí i! Bọ̀dá bínú, wọ́n sì jàre. ₦100,000 ló kù, èlé rẹ̀ ò ju ₦2,000 lọ. Èlé ò sì gbọdọ̀ bí èlé, a ò kọ ìyẹn sínú àdéhùn. Mo bẹ̀ wọ́n, mo tún ìwé owó kọ: ₦108,000. Wọ́n san án.

Ohun tó gbà mí ni pé wọ́n ti fọwọ́ sí 2% yẹn kí n tó gbé kámẹ́rà. Ká ní ẹ̀yìn iṣẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sórí ìwé owó ni, kí ni mo fẹ́ sọ?