Kí A Tó Fọwọ́ Bọ Àpò

Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí a ta ayò ọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn àdúgbò wa ní Libreville, èmi ni wọ́n ní kí n kí àwọn èèyàn káàbọ̀. Mo sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Mo kí àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí àwọn ìyá tó ń tajà ní Mont-Bouët, mo sọ bí èdè wa ṣe ń pòórá lẹ́nu àwọn ọmọ tí a bí sí Gàbọ̀n. Wọ́n pàtẹ́wọ́ dáadáa. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí bàbá kan dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn mẹ́rin tó bá a wá tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ tó lé wọn lọ kò ju apá lọ, apá tó wà lára èèyàn.

Sikírábù ni a ń ta, lédè Yorùbá, ṣùgbọ́n ti Faransé ni ègé lẹ́tà tí a rí rà nígboro. Ègé 102 ló wà nínú rẹ̀. E nìkan jẹ́ 15, nígbà tí K, W àti Y jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan péré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba máàkì mẹ́wàá, nítorí pé àwọn Faransé kì í fi bẹ́ẹ̀ lò wọ́n. Ẹ wá wo tiwa. Ta ni yóò sọ gbólóhùn Yorùbá méjì láì fẹnu kan K, W tàbí Y? Kí, wá, yìí, ìyàwó, owó, ọkọ̀. Lẹ́tà tó pọ̀ jù lẹ́nu wa ló di góòlù lórí pátákó.

Nítorí pé a pọ̀, tí àpò lẹ́tà sì jẹ́ ẹyọ kan, a tẹ̀lé ọ̀nà tí ará Bẹ́líjíọ̀mù kan, Hippolyte Wouters, gbé kalẹ̀ ní 1972. Lẹ́tà méje kan náà ni gbogbo èèyàn ń lò. A ń kọ wọ́n sójú pátákó ìkọ̀wé, olúkúlùkù ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ìwé pélébé, a ó gbà wọ́n jọ, a ó sì gbé ọ̀rọ̀ tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù sórí pátákó ayò. Kò sẹ́ni tó lè ní lẹ́tà burúkú bọ́ sí òun lọ́wọ́. Ọ̀nà tó mọ́ ni, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ìgbà kan, A méjì, K kan àti P kan wà lára ohun tí a fà jáde. Ọmọbìnrin kan tó kàwé ní Ìbàdàn kọ "kápá." K mẹ́wàá, P mẹ́ta, A méjì: 15. Mo gbà á. Bàbá tí mò ń sọ yìí, ẹni tó wá láti Kétu, kọ "akpá." Lẹ́tà mẹ́rin kan náà, máàkì 15 kan náà. Mo fagi lé e. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, P nìkan la máa ń kọ níbẹ̀."

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé o sọ ọ́ nígbà tí ò ń kí wa?"

N kò sọ ọ́. Ọ̀nà ìkọ̀wé tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1974 ni mo kọ́ nílé ìwé, tí P fi dúró fún ìró náà. Ṣùgbọ́n ní Bẹ̀nẹ̀, ìlànà tiwọn, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1975, ń lo "kp" fún ìró kan náà, "sh" dípò Ṣ, "ɛ" àti "ɔ" dípò Ẹ àti Ọ. Aṣọ tèmi ni "ashɔ" tiwọn. Kò sí èyí tó ṣàṣìṣe nínú méjèèjì. Àṣìṣe mi ni pé mo lo ogún ìṣẹ́jú láti sọ pé ọ̀kan ni wá, n kò sì lo ìṣẹ́jú kan láti sọ ìwé ta ni a ó fi ṣe ìdájọ́.

Àwọn tó ń ta á lédè Faransé kò ní wàhálà yìí, torí wọ́n ní ìwé ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ fara mọ́. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sí nínú rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ìwé náà lágbára débi pé ní 2015, Nigel Richards, tí kì í sọ Faransé, gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé lédè Faransé torí pé ó ti há àwọn ọ̀rọ̀ náà sórí. Kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì tiwa. Ohun tí onílé bá sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ìwé wa.

Kí alẹ́ kejì tó dé, mo bá ìyá kan tó jẹ́ ará Kétu lọ sílé bàbá náà. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ gáfárà, a sì jọ fẹnu kò lórí ohun tí n ó sọ. Èyí ni gbogbo rẹ̀:

"Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Kí a tó fọwọ́ bọ àpò: bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Nàìjíríà àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Bẹ̀nẹ̀, méjèèjì la ó gbà. K, W, Y àti H ti di máàkì kọ̀ọ̀kan lálẹ́ òní. C méjì, V méjì, Q, X àti Z kò wúlò fún wa. A ti lẹ bébà mọ́ mẹ́fà nínú wọn, wọ́n ti di K, W àti Y méjì-méjì, a sì yọ ìkeje kúrò. Kò sí àmì ohùn lára ègé, nítorí náà ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ yóò pè é síta, yóò sì fi ṣe gbólóhùn kan. Bí iyàn bá ṣẹlẹ̀, àgbà méjì ni yóò dá a, ọ̀kan láti apá ibí, ọ̀kan láti apá ọ̀hún. Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. "Apá" di márùn-ún, "akpá" di mẹ́fà, máàkì kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wọn. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni òfin gbólóhùn. Ẹnì kan kọ "oko," ó sì ní láti sọ bóyá oko ni, tàbí ọkọ, tàbí ọkọ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ọkọ rẹ̀ tí kò tíì dé láti Port-Gentil, ilé sì dá rẹ́rìn-ín.

Bàbá náà wá. Ó jókòó síwájú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a parí, A kan, K, P, R àti E mẹ́ta jáde. Ọmọbìnrin Ìbàdàn kọ "àpẹẹrẹ," lẹ́tà mẹ́fà, máàkì mẹ́jọ. Bàbá kọ "àkpẹẹrẹ," lẹ́tà méje. Ẹni tó bá lo lẹ́tà méje tán, a máa ń fi 50 kún un. Máàkì 59.

Ọmọbìnrin náà nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ sọ ìyẹn nígbà tí ẹ̀ ń kí wa?"

Mo jẹ́ kí bàbá gba 59 rẹ̀, torí pé òfin tí mo sọ ni. Ní alẹ́ kẹta, gbólóhùn kan lé sí ọ̀rọ̀ mi: "kp" àti "sh," lẹ́tà kọ̀ọ̀kan la ó kà wọ́n sí nígbà tí a bá ń ka méje.