Kọ̀ǹpútà ń bá mi dá àwọn èèyàn lóhùn, ló bá di wàhálà sí mi lọ́rùn

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí yìí, ó ti lé ní ọdún kan kí n tó lè sọ ọ́ jáde fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó ń tì mí lójú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo kọ sílẹ̀ tó dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. "Láìpẹ́" ni ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ lọ fún líìfù, ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ sínú ímeèlì rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀wé sí i lásìkò tí kò sí nílé, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò dá onítọ̀hún lóhùn. Èmi máa ń pè é ní èsì àfisílẹ̀, torí ńṣe lèèyàn fi í sílẹ̀ bí ìgbà téèyàn bá fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ará ilé kó tó jáde.

Kì í sì í ṣe nǹkan tuntun sí wa. Nígbà tí mo wà ní poli, àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá kan, pálí kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà wa tí a so bírò mọ́. Ẹni tó bá ń jáde á kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo lọ sí kíláàsì, aago mẹ́rin ni màá dé, kọ́kọ́rọ́ wà ní yàrá kejì." Ọ̀rọ̀ yẹn ti pé. Àlejò mọ ibi tó kù sí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà láàrin wa tó jẹ́ pé "Mo ń bọ̀" ló máa ń kọ ní tiẹ̀, á sì wọ mọ́tò lọ sílùú wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Èébú tí a máa ń bú u, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́. Àṣé èmi náà máa ṣe irú ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Oṣù kẹjọ, ọdún 2023, ni. Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn tó bá fẹ́ gbé ìkéde òkú sínú ìwé ìròyìn wa máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí. Mo gba líìfù ọ̀sẹ̀ méjì, láti ọjọ́ Ajé, Mọ́ńdè, ọjọ́ 14, títí di ọjọ́ Ẹtì, Furaidé, ọjọ́ 25. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí èsì àfisílẹ̀, oorun sì ti ń kùn mí. Ohun tí mo kọ rèé: "Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí mi. Mi ò sí ní ọ́fíìsì báyìí. Màá dá yín lóhùn láìpẹ́." Mo wò ó, ó dùn ún kà, ó ní ọ̀wọ̀ nínú, mo bá sùn.

Lọ́jọ́rú, Wẹ́sídè, ọjọ́ 16, arákùnrin kan kọ̀wé sí mi. Ìyá rẹ̀ ló kú, wọ́n sì fẹ́ sin ín ní Furaidé tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 25. Ìyá yẹn fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́, àwọn ọmọ tó kọ́ ti fọ́n káàkiri ìlú, àwọn ẹbí ò sì ní nọ́ńbà wọn. Inú ìwé ìròyìn nìkan ni wọ́n gbà pé àwọn ọmọ náà ti lè rí i. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, ó fi ọ̀rọ̀ ìkéde sí i, ó sì béèrè iye tó máa san. Èsì mi wọlé fún un lójú ẹsẹ̀: láìpẹ́. Ó ní òun rò ó pé ọ̀la ni.

Ibi tó ti wá burú rèé, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí i. Lọ́jọ́ kejì, Tọ́sìdeè, ó tún kọ̀wé. Kọ̀ǹpútà ò dáhùn rárá. Ìdí ni pé Gmail, tó jẹ́ ohun tí à ń lò, kì í fi èsì àfisílẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan náà lójoojúmọ́. Bí ẹni náà bá tún kọ̀wé, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́rin kí èsì náà tó tún lọ. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má baà máa da èèyàn láàmú, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n arákùnrin yìí ò mọ̀. Lójú tiẹ̀, bí ẹ̀rọ ṣe dákẹ́ yẹn, èmi gan-an ni mo ti dé, tí mo ti rí lẹ́tà rẹ̀, tí mo sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀. A ti ojú ìwé wa ní Sátidé, ọjọ́ 19. Ní Mọ́ńdè, ọjọ́ 21, ó tún kọ̀wé pé òun ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ni kọ̀ǹpútà bá tún fún un ní "láìpẹ́" yẹn bó ṣe wà. Ìgbà yẹn lojú rẹ̀ tó là. Ìwé ìròyìn ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n sin ìyá. Mo wọlé ní ọjọ́ 28, mo ka lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra wọn, òógùn bò mí nínú ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Mo pè é lórí fóònù. Kò bú mi, ì bá tiẹ̀ sàn kó bú mi. Ó ní ọ̀kan lára àwọn tí ìyá òun kọ́ wá sílé lẹ́yìn ìsìnkú, ọkùnrin arúgbó ni báyìí, ó jókòó sẹ́bàá sàréè, ó ń béèrè pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fóun. Ó wá ní, "Bọ̀dá, ká ní ẹ sọ pé ẹ ò ní í dé títí di ọjọ́ 28 ni, ǹ bá ti gba ibòmíràn lọ." Mi ò rí nǹkan sọ.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fara balẹ̀ kọ èsì àfisílẹ̀ mi. Èyí tí mo lò ní oṣù kejìlá, ọdún 2024, nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Lẹ́tà yín ti wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń dá yín lóhùn yìí, èmi ò tíì kà á. Mo wà lẹ́nu ìsinmi láti Mọ́ńdè, ọjọ́ 16, títí di Furaidé, ọjọ́ 27, oṣù kejìlá, mi ò sì ní í ka ímeèlì títí màá fi dé. Bó bá jẹ́ ìkéde òkú tàbí ohun tó gbọ́dọ̀ jáde kó tó di ọjọ́ 30, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí ẹnìkejì mi tàbí kẹ́ ẹ pè é lórí fóònù, ó mọ̀ pé ẹ máa pe òun. Sátidé ni à ń ti ojú ìwé. Èyí tí kò bá kánjú, màá dá yín lóhùn kó tó di ọjọ́ kẹta, oṣù kìn-ín-ní."

Níbi tí mo kọ "ẹnìkejì mi" sí níbí, orúkọ rẹ̀, ímeèlì rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ ló wà níbẹ̀ lódindi. Ẹ wò ó, kò gùn. Mo sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ti ka nǹkan. Mo fi ọjọ́ àti déètì sí i pọ̀, nítorí ẹni tó bá ka "Mọ́ńdè tó ń bọ̀" ní ọjọ́ Sọ́ńdè ò ní í mọ èwo lò ń wí. "Ó mọ̀ pé ẹ máa pe òun" yẹn, mi ò kọ ọ́ lásán o. Mo lọ bá ẹnìkejì mi, mo bi í bóyá òun náà ò ní í lọ fún líìfù lọ́sẹ̀ Kérésì, mo sì fi bí wọ́n ṣe ń gba owó ìkéde hàn án. Àwọn kan máa ń kọ orúkọ ẹlòmíràn síbẹ̀ láìsọ fún un, tí onítọ̀hún náà á sì ti fi èsì àfisílẹ̀ tiẹ̀ sílẹ̀ lọ, tí á ní kí wọ́n padà lọ bá ẹni àkọ́kọ́. Àlejò á wá di bọ́ọ̀lù.

Ohun tí mi ò kọ síbẹ̀ ni ibi tí mò ń lọ. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí lè kọ̀wé sí mi, ẹ̀rọ á sì sọ fún un pé ilé mi ṣófo fún ọ̀sẹ̀ méjì? Ká má rí i. Mi ò sì kọ pé ara mi ò yá tàbí pé mo lọ sinmi létí òkun. Ẹni tí òkú wà nílẹ̀ fún ò nílò àwàdà mi.

Èdè náà tún lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ní ọdún 2008, ìjọba ìbílẹ̀ Swansea, ní ilẹ̀ Wales, fẹ́ ṣe pátákó ojú títì tó máa sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Wales ni wọ́n máa ń kọ sí pátákó níbẹ̀, ni wọ́n bá fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ògbufọ̀. Èsì dé lédè Wales, wọ́n sì kọ ọ́ sí pátákó, wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Àṣé ohun tó wà níbẹ̀ ni pé, "Mi ò sí ní ọ́fíìsì báyìí, ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ bá fẹ́ túmọ̀ ránṣẹ́." Èsì àfisílẹ̀ ògbufọ̀ ni! Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ ni mo ti ń kọ tèmi ní Yorùbá, tí mo sì ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí Gmail kò le. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì tó dà bíi eyín kẹ̀kẹ́ lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ tẹ "See all settings", kẹ́ ẹ wá lọ sísàlẹ̀ ojú ewé "General" títí dé "Vacation responder". Ẹ tàn án, ẹ kọ ọjọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ má sì gbàgbé láti fi àmì sí "Last day". Ibi táwọn èèyàn ti ń gbàgbé nìyẹn. Lọ́yà kan wà tí mo kọ̀wé sí ní oṣù kẹfà, ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń kí mi kú ọdún Kérésì. Bí ẹ ò bá mọ àwọn tó lè kọ̀wé sí yín, ẹ fi "Only send a response to people in my Contacts" sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àlejò ò ní í gbọ́ nǹkan kan. Ẹ wá tẹ "Save Changes" nísàlẹ̀ pátápátá. Láàárọ̀ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, èmi máa ń ti inú ímeèlì ẹlòmíràn kọ̀wé sí ara mi, kí n lè fojú ara mi rí ohun tí àlejò máa rí.

Ní oṣù kejìlá yẹn, ìkéde òkú méjì wọlé nígbà tí mi ò sí. Àwọn méjèèjì pe ẹnìkejì mi kó tó di Sátidé. Ọ̀kan tiẹ̀ pè é ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó sì bínú sí mi díẹ̀ nígbà tí mo dé. Mo ra àkàrà fún un.