Àpèjẹ Méjì, Ẹnu Kan

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó, nínú gbọ̀ngàn kan ní Kétu, mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo ní ṣebí ọ̀rẹ́ mi ni, kí ni mi ò mọ̀ nípa rẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Mo sọ bí lánlọ́ọ̀dù ṣe tì í mọ́ta, àwọn ẹgbẹ́ wa rẹ́rìn-ín. Orí mi wú, ni mo bá dárúkọ ọmọbìnrin tó ń fẹ́ tẹ́lẹ̀. Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ìyá ìyàwó wolẹ̀. Adarí ètò rọra gba makirofóònù lọ́wọ́ mi. Ó pẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi tó tún pè mí.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi mìíràn ń gbéyàwó ní Ikòsí, mo kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé. Mo mú ìwà rẹ̀ kan ṣoṣo, pé kì í kánjú, mo sì wá ìtàn kékeré méjì tì í lẹ́yìn. Mo ti kọ ọ́ pé bó ṣe ń ṣa tòmátò ló ṣe ṣa ìyàwó. Mo kà á fún ìyàwó mi, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa èèyàn?” Mo pa á rẹ́. Mo tún kà á fún ìyá ọkọ, torí ohun tí kò bá dùn létí rẹ̀ kò yẹ létí àna. Mo fi fóònù wo àkókò: kò tó ìṣẹ́jú méjì. Lọ́jọ́ náà, mo bẹ àwọn tó ń pín ohun mímu kí wọ́n bù ú kárí kí n tó dìde. Ohun tí mo sọ nìyí:

“Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin àlejò pàtàkì, ẹ kú ìnáwó o. Ọ̀rẹ́ mi yìí kì í kánjú. Bá a bá jọ lọ ra tòmátò ní Máìlì 12, èmi á gbé apẹ̀rẹ̀ tójú mi bá kọ́kọ́ rí. Òun á tú tiẹ̀ wò dé ìsàlẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ilé mi ni tòmátò ti ń jẹrà, ilé rẹ̀ ni mo ti ń lọ jẹ ọbẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo rí i tó kánjú. Ìyàwó wa, ọjọ́ tí ẹ ní kó wá kí yín láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti wọ bàtà. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ó ti rí ẹni tó ń dúró dè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ gbé ife yín sókè. Ayọ̀ ilé yín kò ní jẹrà láéláé!”

Èmi tí mo ń ra tòmátò jíjẹrà ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ọkọ ìyàwó. Lẹ́yìn “bàtà” mo dákẹ́ kí ẹ̀rín rọlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó kàn má bàa bọ́ sínú ariwo. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá ìyàwó ló kọ́kọ́ gbé ife.